Ohun Tó Wà Lẹ́yìn "Ṣùgbọ́n"

Ìyá mi kì í sọ ohun tó ń dùn ún láì kọ́kọ́ kí ènìyàn. Bí iná bá ń jó lẹ́yìn ilé, màámi á bi yín bóyá ẹ jí dáadáa, á béèrè àwọn ọmọ, á kí yín kú iṣẹ́ àná, kó tó wá ní kí ẹ jọ̀ọ́ bá òun gbé omi. Bùọ̀dá mi ní ọmọlúàbí ni. Èmi ní àṣejù ni. A ti jà lórí ẹ̀ láìmọye ìgbà, òun ló sì máa ń jàre, torí ta ló fẹ́ dá ẹni tó ń kí ènìyàn lẹ́bi?

Àwa méjì péré ni màámi bí. Bùọ̀dá mi ni àkọ́bí. Ìlú mìíràn ló ń gbé, ó ń bá wọn kọ́ afárá, ó sì máa ń pe màámi lórí fóònù ní gbogbo àárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ ilé tí èmi àti màámi jọ ń gbé. Láti kékeré ni bùọ̀dá mi ti ń pè mí ní Abẹ́rẹ́. Kì í ṣe torí iṣẹ́ mi, torí ẹnu mi ni.

Ẹ̀dọ̀fóró màámi ló ń bá a jà. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, èémí rẹ̀ kọ̀, wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ̀rọ sì ń bá a mí. Ó yè é. Gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Ìgbà tá a délé ló tó sọ tẹnu ẹ̀ fún mi, lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Abẹ́rẹ́, mo ń gbọ́ gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì á wọlé, á ní 'ẹ káàárọ̀ màmá', mi ò lè dá a lóhùn. Wọ́n so ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí n má baà fa ọ̀pá yọ. Àgbàlagbà bíi tèmi. Wọn ò ní ṣe irú ẹ̀ fún mi mọ́. Tó bá tún dé, kí wọ́n fún mi lóògùn tí ò ní jẹ́ kó dùn mí, kí o gbé mi wálé."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí n má kàn gbọ́, kí n jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí bùọ̀dá mi ò ti ní lè jiyàn. Ó mọ ọmọ tó bí. Nígbà tá a sì tún lọ rí dókítà ẹ̀dọ̀fóró, ó béèrè, dókítà sì ní fọ́ọ̀mù wà fún un ní yàrá àkọsílẹ̀.

Yàrá àkọsílẹ̀ wà lẹ́yìn ilé oògùn. Yàrá tóóró ni, ó ní gíláàsì tí wọ́n lu ihò sí, ìwé kan sì wà lára gíláàsì náà pé kí ẹnikẹ́ni má fara tì í, èyí tí gbogbo ènìyàn fara tì kí wọ́n tó lè kà á. Nítorí màámi wà lórí àga onítáyà, akọ̀wé ṣílẹ̀kùn fún wa kí á wọlé sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì òun gan-an. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Ìgò ojú ẹ̀ wà lórí okùn, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi ń tẹ̀wé, kì í sì í wo ọwọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ojú tí mo fi wò ó lọ́jọ́ náà sì ń bí mi nínú dòní.

Ó ṣí fọ́ọ̀mù náà lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé PDF ni, ó rí bí ìwé gidi, àfi pé ibi tí ìdáhùn ń wọ̀ jẹ́ àpótí aláwọ̀ ojú ọ̀run tó fẹ́lẹ́. Ó tẹ orúkọ, ó tẹ ọjọ́ orí.

"Ẹni tá a ó kọ́kọ́ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, màmá?"

"Àkọ́bí mi," màámi dáhùn.

Mo yíjú sí i.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀. Òun ló dàgbà. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ìwọ lo máa pinnu, a ó sọ ìyẹn nínú ọ̀rọ̀."

Ó wá ku àpótí kan tó tóbi ju àwọn yòókù lọ. Akọ̀wé kà á fún wa: "Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe fún yín? Ẹ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara yín." Ó ní tẹ́lẹ̀, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwòsàn yọ ọ́ kúrò torí ó fẹ́ gbọ́ ohùn aláìsàn fúnra ẹ̀. Ohùn aláìsàn! Ọ̀gá tó fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn, tó wá fún ohùn náà ní àyè tí kò tó ìtẹ́lẹ̀ àpò ṣòkòtò.

Màámi tún ara ẹ̀ ṣe lórí àga. Ó fa èémí.

"Kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́ o, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń nulẹ̀. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú àìsinmi. Ẹ ṣeun fún ti èṣí, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ikú, ikú ò ní wọlé yín. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, owó kọ́ ló lè san án…"

"Màámi, ẹ lọ síbi ọ̀rọ̀," mo sọ ọ́ sí i létí.

"Ṣé báyẹn ni wọ́n ṣe ń bẹ ènìyàn níṣẹ́? Kí n kàn já lù wọ́n? Jẹ́ n sọ̀rọ̀ mi." Ó tún yíjú sí akọ̀wé. "Má kọ ìyẹn o. Kọ pé mi ò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú yín. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ṣe, mo mọ̀ pé ire mi lẹ fẹ́, mo sì fi ara mi lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n…"

Èémí kúrú. A dúró dè é. Fáànù ń yí lókè, ó ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́.

"Ṣùgbọ́n ẹ má ki ọ̀pá bọ̀ mí lọ́fun mọ́. Ẹ má fi ẹ̀rọ bá mi mí. Ẹ fún mi lóògùn ìrora, kí ọmọ mi obìnrin gbé mi lọ sílé, sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Òun ni kó pinnu fún mi, kì í ṣe àkọ́bí mi. Àkọ́bí mi nífẹ̀ẹ́ mi, kò ní lè jẹ́ kí n lọ. Ẹ bá mi kí i."

Bí akọ̀wé ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àpótí náà kún. Kò dá a dúró. Ìlà tòkè ń sún wọ òkè lọ, ìlà tuntun ń wọlé nísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì ń wọ̀ ọ́. Nígbà tó parí, ó fi máòsì yí i padà sókè, ó kà á fún wa láti "ẹ kú iṣẹ́" dé "ẹ bá mi kí i." Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Màámi ń mi orí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Akọ̀wé wá tẹ ibòmíràn lójú ìwé, àpótí náà sì padà sí ìlà àkọ́kọ́. Àmì ìròpọ̀ kékeré kan yọ ní igun ẹ̀ nísàlẹ̀.

"Kí nìyẹn?" mo béèrè.

"Ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ni. Kò sí nǹkan kan. Ṣebí ẹ gbọ́ mi nígbà tí mò ń kà á."

Mo gbọ́ ọ. Ta ló fẹ́ máa jiyàn àmì ìròpọ̀?

Wọ́n gbé páàdì kékeré síwájú màámi, ó fi kálámù ẹ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó gbé e wá gan-an.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ò ní lè yí i báyìí?"

"Bó ṣe wà yìí, wọ́n á lè yí i, màmá," akọ̀wé dáhùn. "Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lè tẹ inú àpótí, kó pa tẹ́ ẹ sọ rẹ́, kó kọ ti ẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbí rí, ọmọ ló yí ìdáhùn bàbá ẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ wò ó, àwọn àpótí yìí kàn lé lórí ìwé ni, ọ̀rọ̀ yín wà nínú wọn, kò tíì sí lára ìwé. Bí mo bá tẹ́ ẹ, ohun tó hàn á di ara ojú ìwé gan-an, bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn látilẹ̀. Àpótí á kúrò. Kò ní sí ibi tẹ́nikẹ́ni á ti kọ nǹkan mọ́."

Ohun tó hàn. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ti sọ ọ́ fún aláìsàn púpọ̀ débi pé òun gan-an ò gbọ́ ọ mọ́, àwa méjèèjì náà ò sì gbọ́ ọ. Etí mẹ́fà ló wà nínú yàrá yẹn, wọ́n di.

"Tẹ́ ẹ, ọmọ mi," màámi ní. "Tẹ́ ẹ dáadáa."

Akọ̀wé tẹ nǹkan kan ṣoṣo. Àwọ̀ ojú ọ̀run kúrò lójú gbogbo àpótí. Àmì ìròpọ̀ kúrò. Ìwé náà funfun nini, ọ̀rọ̀ màámi dúdú lójú ẹ̀, ó dára ní wíwò. Ó fi máòsì tẹ ibi tí àpótí ńlá wà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́, ó sì ní, "Ẹ rí i?" Ìgbà yẹn ló tó wá fi ìwé náà pamọ́ sínú fáìlì màámi. Ó ní àwọn kì í fi èyí tó ṣì ṣí pamọ́ rárá, kó má baà di pé ìwé méjì wà, tí wọn ò ní mọ èwo ni òótọ́. Màámi ṣàdúrà fún un, fún iṣẹ́ ẹ̀, fún àwọn ọmọ tí kò tilẹ̀ sọ fún wa pé òun bí. Inú màámi dùn lọ́jọ́ náà. Ó kọrin nínú ọkọ̀ títí a fi délé, pẹ̀lú ìwọ̀nba èémí tó ní.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òjò ló tún dé. Mo ti jáde lọ ra síìpù àti ìtẹ́lẹ̀ aṣọ. Aládùúgbò wa gbọ́ bí màámi ṣe ń mí, ó pe ọkọ̀ aláìsàn. Ilé ìwòsàn ṣí fáìlì, wọ́n pe ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Bùọ̀dá mi wà lórí afárá, pẹ̀lú ariwo irin. Ó ní, "Ẹ ṣe gbogbo ohun tó bá wà lágbára yín." Kí ló tún yẹ kí ọmọ sọ? Mi ò bínú sí i fún ìyẹn. Ohun tí mo bínú sí i fún ṣì ń bọ̀.

Nígbà tí mo fi débẹ̀, ọ̀pá ti wà lọ́fun ìyá mi. Wọ́n ti fún un lóògùn oorun. Ẹ̀rọ ń fẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń fẹ̀ ẹ́, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ti so ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo pariwo. Mo mọ̀ pé mo pariwo torí nọ́ọ̀sì kan dì mí mú.

"Ẹ ò ka ìwé ẹ̀ ni? Ẹ ò ka ìwé tó kọ?"

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí oorun wà lójú ẹ̀. "A kà á, ìyá," ó ní. "Òun la kọ́kọ́ kà." Ó mú mi lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó yí ojú ẹ̀ sí mi.

Mo rí i. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń nulẹ̀. Mo rí ẹ kú àìsùn. Mo rí ikú ò ní wọlé yín. Ìlà tó gbẹ̀yìn ní: mo sì fi ara mi lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n.

Ó parí síbẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀, ìfọwọ́sí màámi ló kàn, tó wọ́ díẹ̀ níparí.

Mo gba máòsì lọ́wọ́ dókítà. Mo tẹ ojú ọ̀rọ̀ náà, mo yí i, mo tún un tẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ojú ìwé ló ń sún lọ sókè sódò, ọ̀rọ̀ ò sún. Kò sí àpótí mọ́ tí n ó ṣí. "Ó kù," mo ní. "Ọ̀rọ̀ kù nísàlẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ má ki ọ̀pá bọ òun lọ́fun. Mo wà níbẹ̀."

Dókítà ò já mi nírọ́. Ó ní kí wọ́n pe akọ̀wé wá láti yàrá àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ẹni kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ dé. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Àpótí náà kún kọjá ìwọ̀n ẹ̀ ni," ó ṣàlàyé. "Àpótí tó ṣí lè gba ọ̀rọ̀ ju èyí tó hàn lọ, ẹ máa yí i sókè sódò ni. Ojú ìwé ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ, èyí tó hàn nínú àpótí nìkan ló dé ojú ìwé. Èyí tó wà nísàlẹ̀ bá àpótí lọ."

"Ẹ lọ mú èyí tó ṣí wá."

"Kò sí. Kí wọ́n tó fi pamọ́ ni wọ́n ti tẹ́ ẹ. Kò fìgbà kan wà nínú fáìlì ní ṣíṣí, ìyá. Kò sí ibi tí mo fẹ́ wá a sí."

Akọ̀wé dé. Ó fi ìgò ojú ẹ̀ síjú, ó kàwé náà. Mo rí i nígbà tó dé ìparí ẹ̀. Ojú ẹ̀ dúró sórí "ṣùgbọ́n" yẹn. Ó mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, obìnrin yẹn rántí.

"Ẹ sọ fún wọn," mo ní. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ kà á sí wa létí. Ẹ sọ ohun tó wà lẹ́yìn ṣùgbọ́n."

Ó wo dókítà, ó wo ẹni kọ̀ǹpútà, ó wo káàdì iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ara ẹ̀.

"Fọ́ọ̀mù tí mò ń tẹ̀ pọ̀," ó ní. "Mi ò lè rántí ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù sọ. Ohun tó bá wà lójú ìwé lèmi mọ̀."

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí aránṣọ tó ní oníbàárà sọ sí ènìyàn, mo sì fẹ́ kó dé etí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Akọ̀wé yí padà, ó lọ. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, ṣùgbọ́n mo mọ ti alángbá yìí. Inú ń run ún.

Dókítà ní kí n jókòó. Ó ní tó bá jẹ́ ti òun, òun gbà mí gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n òun ò lè yọ ọ̀pá lọ́fun ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní ìparí, nígbà tí ìwé tí màámi fọwọ́ sí sọ pé ó fi ara ẹ̀ lé àwọn lọ́wọ́, tí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ sì ní kí àwọn ṣe gbogbo ohun tó wà lágbára àwọn. "Àfi tí bùọ̀dá yín bá gbà pẹ̀lú yín," ó ní. "Tí ẹ̀yin méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan, a ó gbọ́."

Gbogbo ẹ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ bùọ̀dá mi. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàtà ibi iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, amọ̀ afárá ti gbẹ lára wọn. Ó dúró lórí màámi, ó sunkún. A sunkún pọ̀. Mo rò pé ó máa gbọ́. Mo mú un lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, síbi àga irin mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pe méjì: fáànù, àpótí, àmì ìròpọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ màámi látòkè délẹ̀.

"Wọ́n fi ìwé yẹn hàn mí," ó ní. "Mo kà á, Abẹ́rẹ́. Màámi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó ní òun fi ara òun lé wọn lọ́wọ́."

"Ìkíni nìyẹn! Ṣé ẹ ò mọ ìyá yín ni? Ẹ ti rí i kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí ọ̀rọ̀ rí?"

"Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan lẹ́yìn ẹ̀."

"Wọ́n gé e ni, bùọ̀dá mi. Ẹni kọ̀ǹpútà sọ fún yín pé wọ́n gé e."

"Ó ní wọ́n gé nǹkan. Kò mọ ohun tí wọ́n gé. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n." Ó nu ojú ẹ̀. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàánú mi. "Ìwọ lo ń gbé e dìde láti èṣí wá. Ìwọ lo ń wẹ̀ ẹ́. Tó bá ti rẹ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu ìyá wa."

Mo jókòó sórí àga irin yẹn. Mo kórìíra bùọ̀dá mi lọ́jọ́ náà tọkàntọkàn, mo sì mọ̀ pé tó bá jẹ́ èmi ló wà lórí afárá, tí mo ka ìwé yẹn, ohun tí n bá ṣe náà nìyẹn. Ìmọ̀ yẹn ò dín ìkórìíra náà kù.

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bùọ̀dá mi mú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, a ń gba ara wa lẹ́nu ìṣọ́ láì sọ ju "ó wà bẹ́ẹ̀" lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ò dára sí i. Dókítà ní àwọn fẹ́ dín oògùn oorun kù díẹ̀ kí àwọn lè wò ó bóyá ọpọlọ ẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ọ̀sán ni wọ́n ṣe é, àkókò tèmi. Oòrùn wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì.

Màámi ṣí ojú.

Ó wo òkè ilé. Ó wo ẹ̀rọ. Ó gbìyànjú láti gbé ọwọ́, okùn aṣọ dá a padà. Ó wá rí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí ojú ìyá yín nígbà tẹ́ ẹ ṣe ohun tó ní kẹ́ ẹ má ṣe, ẹ mọ ojú náà. Kò bínú. Ìbínú ì bá sàn. Ó ń béèrè lọ́wọ́ mi ni.

Mo tú okùn ọwọ́ ẹ̀ kan, mo di ọwọ́ náà mú. Ó fa ìka ẹ̀ méjì pọ̀, ó ń fà wọ́n lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé. Ó fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà wọ́n. Mo ti kọ ọ́, ohun tó ń sọ nìyẹn. Mo ti kọ ọ́, ó sì wà níbẹ̀, o wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi.

"Dókítà!" mo ké. "Ẹ wá bi í! Ẹ bi í fúnra yín bóyá ó fẹ́ ọ̀pá yìí!"

Dókítà sáré wá. Ó tan iná kékeré sí i lójú, ó ní kó fún òun lọ́wọ́. Màámi ò wò ó, èmi ló ń wò. Dókítà mi orí. "Oògùn ṣì pọ̀ lára ẹ̀," ó ní. "Ohun tó bá fọwọ́ ṣe báyìí, a ò lè gbé ìpinnu lé e. Ẹ jẹ́ ká dúró dọ̀la, tí ojú ẹ̀ bá túbọ̀ là, a ó bi í dáadáa." Ó lọ pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ó ku èmi àti ìyá mi. Mo tẹ̀ sí i létí.

"Màámi, kì í ṣe èmi. Wọ́n gé e ni. Àpótí yẹn ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ibi tẹ́ ẹ ti kí wọn ló gbà. Nígbà tí Àǹtí yẹn tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ohun tó hàn ló lẹ̀ mọ́ ìwé, èyí tó wà nísàlẹ̀ bá àpótí lọ. Mo sọ fún wọn, wọn ò gbọ́. Mo sọ fún bùọ̀dá mi."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ ara mi. Àpótí. Pẹrẹsẹ. Ohun tó hàn. Akọ̀wé ti kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara ẹ̀, wọ́n fi hàn án pé ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Òun ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa. Ta ló wá kù tó lè ṣe é, bí kì í bá ṣe ẹni tó gbé ìpinnu lé lọ́wọ́? Irọ́ tó ń wá ibi tó máa sá sí ni ọ̀rọ̀ mi jọ, èmi tí mò ń sọ ọ́ gan-an ì bá má gbà á gbọ́.

Omi bọ́ lójú màámi, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀ wọ inú ìrọ̀rí. Ó fa ọwọ́ ẹ̀ yọ kúrò nínú ọwọ́ mi. Kò já a gbà, agbára ìyẹn ò sí. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ náà fi bọ́, ó sì gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, síbi tí okùn wà. Ó yí ojú sí ògiri débi tí ọ̀pá jẹ́ kó yí i dé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọ́n tún fún un lóògùn oorun. Ọ̀la tí dókítà ń sọ ò dé bá a. Bùọ̀dá mi wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ kan mú, mo dúró lápá kejì, mi ò fọwọ́ kan èkejì. Ìyá mi ò tún wojú mi mọ́ títí ó fi kú.